Bí a ṣe ń kọ sítétímẹ́ǹtì fún ètò ìgbà ooru tàbí pàṣípààrọ̀ ọdún kan nígbà tí ìrírí kò tíì pọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní 300 lẹ́fẹ̀lì kò tíì tẹ ìwé ìwádìí kankan jáde, kò sì tíì ṣiṣẹ́ ní lábù ńlá kankan. Àwọn tó ń ka sítétímẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà tó fi sọ ìdí tó fi fẹ́ wá, mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Torí irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe dá ètò náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá nínú ojú ewé kan yẹn kò pọ̀. Ṣé ẹni yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan, tó sì kíyè sí ohun tó tìdí rẹ̀ yọ? Ṣé ìbéèrè kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí a lè bá a wá ìdáhùn sí níbí? Ṣé ó mọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tàbí oṣù mẹ́wàá, àti ohun tí yóò fi ṣe nígbà tó bá padà délé?

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó máa fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ń kọ́ maikirobáọ́lọ́jì ní yunifásítì ìjọba kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó wà ní 300 lẹ́fẹ̀lì, CGPA rẹ̀ jẹ́ 3.62, kò tíì lọ áì-tí, ìyá rẹ̀ ń ta ògì. Ó fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ìgbà ooru ní lábù kan ní Yúróòpù tó ń ṣèwádìí lórí àwọn bakitéríà tó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì di kíkan. Tí a bá ti bá a kọ tirẹ̀ tán, a ó wá wo ohun tó máa yí padà bó bá jẹ́ pàṣípààrọ̀ ọdún kan ló ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ìkéde náà

Ẹ ka ìkéde ètò náà bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ṣe ń ka ìwé ilẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni bóyá wọ́n ń gba irú yín rárá. Ètò ìgbà ooru ti CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Jìnífà, ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta ní yunifásítì kí ìgbà ooru náà tó dé, nítorí náà ẹni tó wà ní 200 lẹ́fẹ̀lì ń fàkókò ṣòfò ni, bó ti wù kí lẹ́tà rẹ̀ dùn tó. Ètò ISTernship ti ilé ìwádìí ISTA ní Ọ́síríà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, wọ́n sì ń mú àwọn tó ṣì wà lẹ́nu oyè àkọ́kọ́. Sikọ́láṣíìpù Komonwẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń sáré tọ̀ lọ kì í ṣe ti ẹni tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́. Nǹkan wọ̀nyí lè yí padà láti ọdún dé ọdún, ìkéde ọdún tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ kà, ẹ má gbára lé èyí tí ọ̀rẹ́ yín fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi yín kọ sórí ìwé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn, nítorí ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ka lẹ́tà sábà máa ń ní àyè fún máàkì lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹ kò bá dáhùn á kàn ṣófo ni. Ẹ wo bí gígùn rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tó. Àwọn kan ń ka ọ̀rọ̀, àwọn mìíràn ń ka lẹ́tà áábíídí pẹ̀lú àlàfo àárín wọn. Àpótí tó bá gba 3,000 lẹ́tà kò gbà ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 450 sí 500 lọ. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ 700 tó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè má mọ̀ pé pọ́tà ti gé ìparí lẹ́tà òun dànù, ìparí yẹn ló sì sábà máa ń gbé ìdí tó fi fẹ́ wá.

Ẹ ṣà ohun tí ẹ ní jọ

Ẹ má tíì kọ gbólóhùn kan. Ẹ fa ìlà sí ìwé kí ó pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, ìgbà mélòó tàbí mélòó ni mo ṣe, ohun tí kò lọ bó ṣe yẹ, ẹni tó rí i. Ẹ wá kọ ohun gbogbo tó bá wá sí yín lọ́kàn, àti ti ilé ìwé àti ti ilé, láìṣa. Ọ̀nà kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló níye lórí jù lọ. Ẹni tó kàn wo nǹkan lójú fìrí kò lè sọ ibi tó ti bàjẹ́ àti ìdí tó fi bàjẹ́. Ẹni tó ṣe é nìkan ló lè sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ èyí sílẹ̀ láti pírátíkà 200 lẹ́fẹ̀lì: àwọn mẹ́rin ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ka iye bakitéríà inú omi ògì. Wọ́n fi omi la omi ògì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́wàá nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n dà á sójú àwo. Lọ́jọ́ kejì, ojú àwo kún fún kólónì, ìyẹn òkìtì bakitéríà tí ojú lè rí, débi pé kò ṣeé kà, nítorí àwo tó bá ti ní ju 300 lọ kì í ṣeé gbára lé, èyí tí kò bá sì tó 30 kéré jù. Òun ló dábàá pé kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n sì là á dé ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Àwo tí wọ́n da èyí tí wọ́n là lẹ́ẹ̀márùn-ún sí ní kólónì 84. Olùkọ́ pírátíkà rí i, ó buwọ́ lu ìwé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á ní ìyẹn kò tó ohun tí à ń sọ létí òyìnbó. Ó tó o. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ó mọ ohun tí 30 sí 300 túmọ̀ sí, pé nígbà tí iṣẹ́ bàjẹ́ ó wá ìdí rẹ̀, àti pé ó tún un ṣe. Ẹ fi wé ‘mo ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀ nípa iṣẹ́ lábù’. Èyí kò fi nǹkan kan han ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì wá láti ilé. Ìyá rẹ̀ máa ń bu abọ́ omi ògì àtijọ́ kan sínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, ó ní ó ń jẹ́ kó tètè kan. Àṣà lásán ni èyí títí ẹ ó fi kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá ṣì wà kí ètò tó pa ilẹ̀kùn dé, àkókò wà láti sọ ọ́ di àkọsílẹ̀ tí kò ní ná yín ju ìwé kékeré kan àti bírò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ògì mẹ́sàn-án sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n rẹ àgbàdo, ọjọ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́, bóyá wọ́n bu omi àtijọ́ sí i tàbí wọn kò bù ú, àti ìgbà tí ìyá ní ó ti kan tó. Èyí tí wọ́n bu omi àtijọ́ sí sábà máa ń kan tó lọ́jọ́ kejì, èyí tí wọn kò bù ú sí máa ń dé ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n méjì nínú wọn jẹ́ àgbàdo pupa, ìyókù funfun, nítorí náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi àtijọ́ nìkan ló fà á. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí ìmọ̀ òun mọ ni lábù ń fẹ́.

Ẹ má purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ọ̀pọ̀ ètò máa ń pe àwọn tó bá ṣe dáadáa sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò, inú lẹ́tà gan-an ni wọ́n ti máa ń yọ ìbéèrè. ‘Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti kan tó?’ Ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀ nítòótọ́ á ní: ìyá mi ló ń tọ́ ọ wò, mi ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn pH nílé, àléébù rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ á máa wòkè.

Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ wá èyí tó ń bi yín ní nǹkan tí ẹ kò lè dáhùn níbi tí ẹ wà. Okùn lẹ́tà náà nìyẹn, òun ni gbogbo ìyókù á máa so mọ́. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa hàn gbangba: nínú oríṣiríṣi bakitéríà tó wà nínú omi àtijọ́ yẹn, èwo ló ń mú ògì tuntun tètè kan, ṣé ọ̀kan náà ló máa ń jẹ́ láti ògì dé ògì? Ó lè ka iye wọn ní lábù ilé ìwé rẹ̀. Kò lè sọ orúkọ wọn, nítorí kíka jíìnì wọn ló ń sọ ìyẹn, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì sí ní dípátímẹ́ǹtì rẹ̀.

Ẹ rí i pé ìbéèrè náà kéré. Kí ó kéré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ pé òun fẹ́ fòpin sí àìsàn ní Áfíríkà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti sọ fún olùkàwé pé òun kò mọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe gùn tó. Ọ̀sẹ̀ kìíní á lọ sórí ẹ̀kọ́ ààbò lábù àti ìwé ìwọlé, ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn á lọ sórí ìjábọ̀, mẹ́fà ló kù fún iṣẹ́. Ìbéèrè tó lè wọ inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí ẹ gbé lọ.

Àwọn kan kò ní ògì, wọn kò sì ní pírátíkà, bóyá torí pé ìṣirò tàbí ìtàn ni wọ́n ń kọ́. Ọ̀nà kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó ti gba ohùn àwọn àgbà mẹ́ta sílẹ̀ nípa bí ọjà àdúgbò rẹ̀ ṣe dé ibi tó wà, tó rí i pé ọdún tí wọ́n dá kò bára mu, ti ní ìbéèrè.

Ẹ wá ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀

Lábù ibi tí ẹ ń lọ máa ń ní ojú ìwé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ìwé ìwádìí méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ yé yín. Ẹ ka ìsọníṣókí iwájú, ẹ wo àwòrán, ẹ wá ka ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà, níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí ẹ lè lò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa rí i pé lábù náà ń mú ìyẹ̀fun kíkan láti ilé búrẹ́dì oríṣiríṣi, wọ́n ń ka jíìnì àwọn bakitéríà inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti mọ èyí tó dúró àti èyí tó kú. Ìyá rẹ̀ àti àwọn oníbúrẹ́dì wọ̀nyẹn ń ṣe nǹkan kan náà: wọ́n ń bu ti àná sínú ti òní. Ibi tí ìbéèrè rẹ̀ ti pàdé iṣẹ́ wọn nìyẹn. Gbólóhùn méjì tó lè fi sọ ọ́ níye lórí ju ìpínrọ̀ ìyìn kan lọ.

A ní láti dá ọ̀rọ̀ ìyìn yìí dúró díẹ̀, torí àwa Yorùbá fẹ́ràn kí á kí ènìyàn kí á tó bẹ̀ ẹ́. ‘Ilé ẹ̀kọ́ yín tó gbayì jákèjádò ayé’, ‘àǹfààní ńlá tí kò lẹ́gbẹ́’: oríkì ni ìwọ̀nyí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ti mọ oríkì ara rẹ̀. Ní ibi tí lẹ́tà kò ti gbà ju ọ̀rọ̀ 500, gbólóhùn oríkì mẹ́ta ti jẹ ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ẹkún náà kò wúlò. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, ibi tí wọ́n ti béèrè nípa owó ni ẹ ti máa sọ ọ́, ní gbólóhùn kan tó ṣe pàtó.

Ẹ kọ ọ́

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 500, a máa ń pín in báyìí: nǹkan bí 80 fún ìbẹ̀rẹ̀ tó gbé ìbéèrè kalẹ̀, 180 fún ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ṣe, 130 fún ìdí tó fi jẹ́ lábù yẹn àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, 70 fún ohun tí ẹ ó fi ṣe nígbà tí ẹ bá padà, 40 fún àlàyé kékeré tí olùkàwé àjèjì nílò. Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó kùnà ni pé ìbẹ̀rẹ̀ gba 250, iṣẹ́ ọwọ́ gba 60.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà náà á jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá wo egungun rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ kọ rèé:

‘Láti ìgbà èwe mi ni ìfẹ́ sáyẹ́ǹsì ti wà lọ́kàn mi. Mo gbà pé maikirobáọ́lọ́jì ni kọ́kọ́rọ́ sí ìlera ayé. Ìdùnnú ńlá ni yóò jẹ́ fún mi láti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwádìí yín tó lókìkí, níbi tí màá ti mú ìmọ̀ mi gbòòrò sí i.’

Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i, kò sí ohun tó yí padà. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè fọwọ́ sí i. Èyí ni ó tún kọ:

‘Ìyá mi máa ń bu abọ́ omi ògì àtijọ́ kan sínú tuntun kó lè tètè kan. Ògì jẹ́ àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a fi sílẹ̀ kó kan. Mo kọ ògì mẹ́sàn-án sílẹ̀: èyí tí a bu omi àtijọ́ sí sábà máa ń ṣetán ní ọjọ́ kan ṣáájú. Mi ò tíì mọ bakitéríà tó ń fà á, mi ò sì ní ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n níbi tí mo wà.’

Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan níbẹ̀. Olùkàwé ní Vienna tí kò jẹ ògì rí mọ ohun tí ògì jẹ́ nínú gbólóhùn kan. Ìbéèrè ti dúró, ohun tó ń dènà ìdáhùn sì ti hàn, èyí tó ṣí ilẹ̀kùn fún ìpínrọ̀ lórí lábù náà.

Ìpínrọ̀ kejì ni pírátíkà omi ògì, bí a ṣe sọ ọ́ lókè, pẹ̀lú àwo tó kún jù, 84, àti ìdí tí wọ́n fi tún un ṣe. Ẹ ṣọ́ ‘mo’ àti ‘a’ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn mẹ́rin ló ṣiṣẹ́, ‘a’ ni kí ẹ lò fún ohun tí ẹgbẹ́ ṣe, kí ẹ fi ‘mo’ sí èyí tó jẹ́ tiyín gan-an. Olùkọ́ tó ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí mọ ẹni tó ṣe kí ni, bí tirẹ̀ àti tiyín kò bá sì bára mu, tiyín ni wọn kò ní gbà gbọ́.

Ìpínrọ̀ kẹta sọ ohun tó fẹ́ kọ́: bí wọ́n ṣe ń yọ jíìnì jáde láti inú nǹkan kíkan, bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá kà á tán. Kò sọ pé òun á gbé ògì lọ sí Yúróòpù. Gbígbé ohun alààyè kọjá ààlà ní òfin tirẹ̀ àti ìwé tó lè gba oṣù púpọ̀, ẹni tó bá sì gbé e kalẹ̀ bí ohun tó rọrùn ń fi hàn pé òun kò béèrè. Ó sọ pé lórí ìyẹ̀fun tiwọn lòun á ti kọ́ ọ.

Ìpínrọ̀ kẹrin wá wúwo nítorí pé ó ṣe pàtó: ní 400 lẹ́fẹ̀lì ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, olùkọ́ kan ní dípátímẹ́ǹtì rẹ̀ sì ti gbà kí ó ṣe é lórí omi ògì. Ó lọ bá olùkọ́ náà kó tó kọ gbólóhùn yẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. ‘Màá padà wá ran orílẹ̀-èdè mi lọ́wọ́’ kò tó nǹkan kan níwájú iṣẹ́ kan tó ti ní ọjọ́ àti ẹni tó ń bójú tó o.

Ohun tí olùkàwé àjèjì kò mọ̀

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ 40 yẹn ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í rántí rẹ̀. Ẹ má kọ CGPA lásán láé. Ní Jámánì, 1.0 ni máàkì tó dára jù lọ, 4.0 ni ìkángun ẹni tó yege, 5.0 sì ni ẹni tó fìdí rẹmi. Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ní 4.2 tó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìṣàlàyé ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Jámánì kan pé òun kò yege. Ẹ kọ ọ́ báyìí: 3.62 nínú 5.00, níbi tí 5.00 ti jẹ́ òkè pátápátá, ó wà ní kíláàsì kejì tòkè tó bẹ̀rẹ̀ láti 3.50 dé 4.49.

Ohun kejì ni ọdún tó sọnù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé kí ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2022 tó bẹ̀rẹ̀ lè ti pàdánù oṣù mẹ́jọ, láti 14 Oṣù Kejì dé 14 Oṣù Kẹwàá. Olùkàwé tó ń ka ọdún lórí ìwé máàkì rẹ̀ á rò pé ó tún kíláàsì kà. Gbólóhùn kan tó: yunifásítì mi ti ilẹ̀kùn láti oṣù báyìí dé oṣù báyìí nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́. Ẹ má fi ìbínú kún un. Bí ẹ bá ní máàkì kan tó burú gan-an, ìlànà kan náà ni: ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, ohun tó ti yí padà ní gbólóhùn kejì. Bí máàkì náà kò bá kan iṣẹ́ tí ẹ ń lọ ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára

Ẹ fi lẹ́tà náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá dán an wò. Ẹ pa orúkọ ilé ìwádìí náà rẹ́, ẹ fi orúkọ ibòmíràn sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì bá a mu, ìpínrọ̀ kẹta kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá mú bírò pupa, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ẹlòmíràn lè lọ yẹ̀ wò: iye, ọjọ́, orúkọ ẹ̀kọ́, ohun tí ẹ ṣe. Nínú ìpínrọ̀ kejì, ó yẹ kí ìlà pupa wà ní gbólóhùn méjì nínú mẹ́ta. Èyí tí kò ní ìlà lábẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ẹ fún ènìyàn méjì kà. Ọ̀kan kí ó mọ iṣẹ́ náà, kó wo bóyá ẹ ṣi nǹkan sọ. Èkejì kí ó má mọ̀ ọ́n rárá, bí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe iṣẹ́ báńkì. Ẹ má bi í pé ṣé ó dáa, torí á ní ó dáa. Ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ní kí ó sọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe fún yín. Bó bá ní ‘ẹ fẹ́ lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì’, ẹ padà sórí tábìlì. Bó bá ní ‘ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú omi ògì tó ń mú un kan’, ó ti wọlé.

Bó bá jẹ́ pàṣípààrọ̀ ọdún kan

Ìbéèrè kan ṣoṣo kò lè gbé ọdún kan. Níbí, ẹ̀kọ́ ni ẹ ń lọ kà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, olùkàwé sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti wo àwọn ẹ̀kọ́ náà. Nínú Erasmus+, ètò pàṣípààrọ̀ ti Yúróòpù tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ láti ìta Yúróòpù náà, àdéhùn gbọ́dọ̀ wà tẹ́lẹ̀ láàárín yunifásítì yín àti tiwọn. Nítorí náà ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì yín ni ẹ kọ́kọ́ máa lọ, kí ẹ béèrè ibi tí àdéhùn wà àti ẹ̀kọ́ tó kàn. Lẹ́tà tó dára jù lọ sí ibi tí kò ní àdéhùn kò lè lọ síbì kankan.

Wọ́n ń fi kírẹ́díìtì ECTS ka ẹ̀kọ́: 60 fún ọdún kan, 30 fún sẹ̀mẹ́sítà kan. Ẹ lọ sí àkójọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ yan èyí tó pé 30 fún sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, ẹ wo èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń fi èdè ìlú wọn kọ́, ibí yìí sì ni lẹ́tà púpọ̀ ti ń bàjẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó wù ú, méjì nínú wọn jẹ́ èdè Ítálì. Nínú lẹ́tà, ẹ dárúkọ méjì tàbí mẹ́ta péré, ẹ sọ èyí tó rọ́pò ẹ̀kọ́ kan pàtó nílé àti èyí tí kò sí nílé rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá mú yín, akẹ́kọ̀ọ́, yunifásítì ilé àti yunifásítì tó ń gbàlejò ni wọ́n jọ máa buwọ́ lu ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ tó wà nínú lẹ́tà yín sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà níbẹ̀ mu.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìṣòro kan wà tó gbọ́dọ̀ yanjú kó tó kọ̀wé. Nínú ọ̀pọ̀ dípátímẹ́ǹtì sáyẹ́ǹsì wa, áì-tí ti gba sẹ̀mẹ́sítà kan nínú ọdún kan náà tó fẹ́ lọ. Bí kò bá bá olórí dípátímẹ́ǹtì sọ bóyá wọ́n lè sún áì-tí síwájú àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa kà fún un, ó lè padà dé kó rí i pé ọdún kan ti kún ọdún rẹ̀. Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà tó ní ‘dípátímẹ́ǹtì mi ti gbà kí n ṣe áì-tí lẹ́yìn tí mo bá padà’ ń fi olùkàwé lọ́kàn balẹ̀, nítorí ẹni tó gbà àyè kan tó wá yẹ̀ ẹ́ ń fi àyè ẹlòmíràn ṣòfò.

Nípa ìrírí ọwọ́, a lè dín in kù sí ìdajì ohun tó wà nínú lẹ́tà ìgbà ooru. Ẹ fi ìyókù sọ bí ẹ ṣe máa ń kàwé fúnra yín nígbà tí kò sí olùkọ́. Ohun tí ẹ kà lásìkò tí ilé ìwé wà ní títì, bó bá jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀ wà.

Ìjẹ́rìí àti fífi ránṣẹ́

Ẹ bá olùkọ́ tó máa jẹ́rìí fún yín sọ̀rọ̀ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ mú lẹ́tà yín, ìwé máàkì, àti ojú ewé kan tó rán an létí ohun tí ẹ ṣe ní kíláàsì rẹ̀ lọ bá a. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn kò lè rántí àwo tó ní 84. Béèyàn bá rán an létí, ó lè kọ ọ́, ìgbà tí olùkàwé bá sì rí nǹkan kan náà láti ẹnu méjì, ó ti di òótọ́ lójú rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ímeèlì yunifásítì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn pọ́tà kan kì í gba Gmail lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́rìí, òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn kì í sì í ṣe ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ẹ fi lẹ́tà pamọ́ bíi PDF, kí orúkọ fáìlì jẹ́ orúkọ ìdílé yín, orúkọ yín, àti ohun tó jẹ́, láìsí àlàfo. Ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn kí ẹ lè rí i pé àmì orúkọ yín kò di àpótí òfìfo. Kí ẹ wá wo aago ibi tí ètò wà. Bí ìkéde bá ní 11:59 alẹ́ ní aago Japan, 3:59 ọ̀sán ni ní Èkó. Aago Jámánì àti Ọ́síríà bá tiwa mu nígbà òtútù, ṣùgbọ́n láti Sunday tó kẹ́yìn nínú Oṣù Kẹta, wọ́n ti fi wákàtí kan ṣáájú wa: 11:59 alẹ́ wọn ti di 10:59 tiwa. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí iná tó lọ.